Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì

“Ẹ jọ̀wọ́, kí ni nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta abẹ́ ike túmọ̀ sí? Èwo ni mo lè rọ omi kọ́sítíìkì sódà sí, ṣé mo sì tún lè fi kẹ́ẹ̀gì náà ra epo jíjẹ tó bá yá?”

Irú ike tí wọ́n fi ṣe nǹkan náà ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, kí àwọn tó ń ṣa ike àlòkù lè máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò jẹ́rìí pé ike kan dára fún oúnjẹ.

Aláró ni mí ní Ìtòkú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo rọ omi kọ́sítíìkì tó ṣì gbóná sínú ìgò oníke tí wọ́n fi ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìgò náà sì rọ̀, ó wọ́, lójú mi níbẹ̀. Mo rò pé ooru nìkan ló fà á, mo bá jẹ́ kí omi náà tutù kí n tó rọ ọ́ sínú irú ìgò kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ìgò tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti ṣú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti sán láti ojú kékeré tó wà láàárín. Bí mo ṣe gbé e ló dà sí mi lẹ́sẹ̀, àpá rẹ̀ kò tíì kúrò.

Nọ́ńbà 1 ni ìgò náà. Tí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ó ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́sítíìkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí iná. Tó bá sì tutù pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni kọ́sítíìkì ń jẹ ike yẹn. Kì í jẹ nọ́ńbà 2, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì funfun tó nípọn, kì í sì í jẹ nọ́ńbà 5, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ abọ́ oúnjẹ gbígbóná, nítorí pé òun ló gba ooru jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú korobá nọ́ńbà 5 ni mo ti ń pò ó: omi tútù ni mo ń kọ́kọ́ bù, lẹ́yìn náà ni mo ń da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, n kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé. Ó di ìgbà tó bá tutù kí n tó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì nọ́ńbà 2.

Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ gé ike náà bíńtín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi kí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ lè jáde. Nọ́ńbà 2, 4 àti 5 yóò léfòó. 1, 3 àti 6 yóò rì. Èyí tó bá rì, n kì í rọ kọ́sítíìkì sí i.

Ní ti epo, ẹ má ṣe dán an wò. Ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì ní ihò nínú, kọ́sítíìkì ń há síbẹ̀, fífọ̀ kì í sì í kó o tán. Bákan náà ni kẹ́ẹ̀gì àlòkù tó ti gba kẹrosín-ín rí, nítorí pé ara ike nọ́ńbà 2 gan-an ló ń fa kẹrosín-ín mu: ẹ dé e sínú oòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ ṣí i, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìṣó gbígbóná ni mo fi kọ “KỌ́SÍTÍÌKÌ” sára tèmi, kí ọmọ ilé má baà gbé e lọ sọ́jà.