Ṣé ìwà ẹ̀ ló pa Okonkwo àbí chi ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo ni mò ń gbé, mò ń múra ìdánwò lítíréṣọ̀. Wọ́n ní ká kọ ẹ́séè lórí Things Fall Apart. Tíṣà wa ní ìgbéraga ló gbé Okonkwo ṣubú, ẹni tá a jọ ń kàwé ní irọ́ ni, chi ẹ̀, òrìṣà tí àwọn Igbo gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ni ò gbè é. Ẹ̀yìn ta ni kí n wà, kí ni mo sì lè mú jáde nínú ìwé náà tí mo máa fi gbè é lẹ́sẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, má dá wà lẹ́yìn ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì o. Tó o bá mú ìgbéraga nìkan, ibọn Okonkwo tó bú tó pa ọmọ Ezeudu níbi ìsìnkú Ezeudu á da ọ̀rọ̀ ẹ rú, torí ìgbéraga kọ́ ló mú ibọn bú. Tó o bá sì mú chi nìkan, ikú Ikemefuna, ọmọ ìlú míì tí wọ́n fi sọ́dọ̀ Okonkwo, á dojú ẹ́séè ẹ bolẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní kí Okonkwo yọ àdá lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn lápá Ìgbóǹnà ni pé kí wọ́n mú ikú ọmọ méjì yẹn, kí wọ́n kà wọ́n pọ̀, kí wọ́n wo èyí tí Okonkwo fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe àti èyí tó kàn já lù ú, ibẹ̀ gan-an ni Chinua Achebe gbé iṣẹ́ ńlá ìwé yẹn sí nígbà tó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1958.

Àmọ́ kó o tó débẹ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ pe àlébù ọkùnrin yẹn bó ṣe jẹ́. Gbogbo ọmọ ló ń kọ "ìgbéraga", ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ wo ṣápítà kejì, ìwé fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ló jọba lórí gbogbo ayé Okonkwo, ẹ̀rù kó má lọ kùnà, ẹ̀rù kí wọ́n má lọ rí i bí ẹni tí ò lágbára. Ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Unoka jẹ gbèsè kiri, fèrè àti ẹmu ló mọ̀, kò joyè kankan títí tó fi kú, àìsàn ara wíwú ló sì pa á, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ sí ilẹ̀, ni wọ́n bá gbé e lọ sí Igbó Burúkú pé kó kú síbẹ̀, kò ní sàréè. Okonkwo wá kórìíra gbogbo ohun tí bàbá ẹ̀ fẹ́ràn pátá, ìwà pẹ̀lẹ́ wà lára wọn, ìgbáfẹ́ náà wà lára wọn. Gbogbo líle tó ń le mọ́ ìyàwó àtọmọ, gbogbo bó ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọkùnrin tí ò bá tíì joyè, ẹ̀rù yẹn náà ni. Tó o bá fi èyí bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń máàkì á ti mọ̀ pé ìwé gan-an lo kà, kì í ṣe nóòtù tí wọ́n ń tà.

Ó yá, ká lọ sí ṣápítà keje. Ikemefuna ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilé Okonkwo, ó ń pè é ní bàbá. Òrìṣà wá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n pa ọmọ yẹn. Ezeudu, àgbà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá Okonkwo, ó ní ọmọ yìí ń pè ọ́ ní bàbá, má tọwọ́ bọ ikú ẹ̀. Ṣé o rí i, ikú ọmọ yẹn ti dájú, ìyẹn la lè pè ní kádàrá, àmọ́ ọwọ́ tó máa pa á ò tíì dájú. Okonkwo gbọ́ ìkìlọ̀, ó ṣì tẹ̀ lé wọn lọ. Nínú igbó, ọmọ yẹn ru ìkòkò ẹmu sórí, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ họ́ ọ̀fun, ó gbé àdá sókè. Okonkwo ti fà sẹ́yìn nígbà yẹn, ó tiẹ̀ gbójú kúrò. Ó gbọ́ ìró àdá, ó gbọ́ tí ìkòkò já lulẹ̀ tó fọ́, ó wá gbọ́ ohùn ọmọ tó ń ké pe bàbá ẹ̀ pé wọ́n ti pa òun, tó sì ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ni Okonkwo bá fa àdá yọ, ó ṣá a balẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni kó o há sórí: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má rò pé kò lágbára. Achebe ò fi ìdí ẹ̀ pa mọ́ rárá.

Báwo lo ṣe máa wá fi hàn pé àṣìṣe òun fúnra ẹ̀ ni, pé kì í ṣe bí ọkùnrin Umuofia, ìlú ẹ̀, ṣe gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn? Wá ẹlòmíì tó wà nípò kan náà tó ṣe nǹkan míì. Obierika ni. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni, ọkùnrin gidi ni, olóyè náà ni, ó bọ̀wọ̀ fún òrìṣà, àmọ́ ó jókòó sílé ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní ṣápítà kẹjọ tí Okonkwo bi í pé kí ló dé tí ò bá wọn lọ, ó ní tí òrìṣà bá ní kí wọ́n pa ọmọ òun, òun ò ní jiyàn, òun náà ò sì ní jẹ́ ẹni tó máa pa á. Ó tún sọ fún un pé ohun tó ṣe yẹn ò ní dùn mọ́ ilẹ̀ nínú, irú ìwà tí òrìṣà ilẹ̀ máa ń tìtorí ẹ̀ pa odindi ìdílé rẹ́ ni. Nítorí náà, ìlú ò fipá mú Okonkwo, ọ̀nà àbáyọ wà, ẹni tí wọ́n jọ ń mutí gba ọ̀nà yẹn. Ibi tí àlébù ti ṣiṣẹ́ rèé.

Wàyí o, ṣápítà kẹtàlá. Ezeudu tó kìlọ̀ fún un yẹn náà ló kú. Níbi ìsìnkú ẹ̀, wọ́n ń yìnbọn, ìlù ń dún, eruku ń sọ, ibọn Okonkwo bú, irin já wọ ọkàn ọmọ Ezeudu, ọmọ ọdún 16, ó kú. Okonkwo ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò bínú, kò gbéra ga, ohun tí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ìyẹn náà ni ìlú wá lé e jáde fún, ọdún méje nílùú ìyá ẹ̀, Mbanta, wọ́n sun ilé ẹ̀, wọ́n pa ẹran ẹ̀, Obierika gan-an wà lára àwọn tó lọ ba ilé yẹn jẹ́, torí wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ ilẹ̀ mọ́.

Ìhín ni ọ̀pọ̀ ẹ́séè ti ń bàjẹ́. Mo ti máàkì àwọn tó kọ ọ́ pé torí pé ó pa Ikemefuna ni wọ́n ṣe lé e kúrò nílùú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ikú ọmọ Ezeudu ni. Èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́, èyí tí ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ló gba ilé àti ìlú lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ilẹ̀ ló wá ń gbẹ̀san ikú àkọ́kọ́ lára ẹ̀, bí Obierika ṣe kìlọ̀? Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní kó o má rò ó. Obierika fúnra ẹ̀ jókòó, ó ń bi ara ẹ̀ pé kí ló dé téèyàn á fi jìyà tó báyìí lórí ohun tí ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kò rí ìdáhùn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ìwé fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Má ṣe bá Achebe dáhùn ohun tí òun náà ò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ chi wá kù. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kàwé yẹn á ti rí ṣápítà kẹrìnlá, níbi tó ti jẹ́ pé Okonkwo sọ bẹ́ẹ̀ ni, chi ẹ̀ sọ rárá. Sọ fún un kó ka ṣápítà kẹrin náà, níbi tí àwọn àgbà ti ń wí pé tí ọkùnrin bá ní bẹ́ẹ̀ ni, chi ẹ̀ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ń fi Okonkwo ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora lórí ẹnì kan náà. Èyí àkọ́kọ́, ìgbà tí nǹkan ń dáa fún un ni wọ́n sọ ọ́, èkejì, inú ọkàn Okonkwo ló ti jáde nígbà tó wà ní ìgbèkùn tí ìbànújẹ́ bò ó. Nítorí náà, tó o bá fẹ́ mú u lò, sọ ẹni tó sọ ọ́ àtìgbà tó sọ ọ́, má kọ ọ́ bíi pé Achebe ló ń dájọ́. Kó o sì ṣọ́ra, ìwọ ọmọ Yorùbá, àwa tá a gbọ́ àkúnlẹ̀yàn láti kékeré máa ń yára rò pé wọ́n ti yan ìṣubú yẹn fún un látọ̀run. Wo ọ̀rọ̀ Odewale nínú The Gods Are Not to Blame tí Ola Rotimi kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní Ifẹ̀ lọ́dún 1968, Ifá ti sọ ohun tó máa ṣe kó tiẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ta ló sọ irú ẹ̀ nípa Okonkwo? Kò sí. Kò sí babaláwo tó rí òpin ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán ni wọ́n tó ń wá orúkọ fún un.

Ìpín kẹta ìwé náà ò le mọ́ tó o bá ti mọ ìyẹn. Okonkwo padà dé, ṣọ́ọ̀ṣì àti kóòtù òyìnbó ti gbalẹ̀, Nwoye ọmọ ẹ̀ ti lọ bá wọn, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ Okonkwo rárá. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ti ṣápítà kẹrìnlélógún, ó ṣá olórí àwọn ońṣẹ́ òyìnbó pa níwájú gbogbo ìlú, wọ́n jẹ́ kí àwọn ońṣẹ́ tó kù sá lọ, ó wá gbọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló dé tó fi ṣe é. Àdá kan náà, ẹ̀rù kan náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ìlú ò sí lẹ́yìn ẹ̀. Ó lọ pokùnso. Èèwọ̀ nìyẹn náà, àwọn èèyàn ẹ̀ ò lè fọwọ́ kàn án, àjèjì ló máa sin ín. Fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Unoka nínú Igbó Burúkú kó o tó parí ẹ́séè ẹ, torí ohun tó fi gbogbo ayé ẹ̀ sá fún, ibẹ̀ náà ló dé.

Tó o bá fẹ́ gbólóhùn tó máa ṣáájú, èyí tó, tún un sọ lẹ́nu ara ẹ: ẹ̀rù tí Okonkwo ní ló ń sọ bó ṣe máa dáhùn sí gbogbo ohun tó bá bá a, àmọ́ òun kọ́ ló yan gbogbo ohun tó bá a. Ikemefuna ni kó o kọ gùn jù, ọmọ Ezeudu tẹ̀ lé e, ońṣẹ́ òyìnbó lè mọ níwọ̀n. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, máa sọ ibi tí Obierika dúró sí, tàbí ohun tó ń rò.