Yíya irin onígun L nínú FreeCAD

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ya irin onígun L oníhò kan nínú FreeCAD. Ojú wo ni kí n yà á sí, kí ni kí n sì kọ́kọ́ ṣe, ihò ni àbí igun rírọ̀?

Ìdáhùn: Orí XZ_Plane ni kí ẹ ya L náà sí, kí ẹ fi Pad sọ ọ́ di odidi, kí ihò tẹ̀ lé e, kí Fillet, tó ń rọ igun, sì gbẹ̀yìn.

Bí a bá wo irin náà láti ẹ̀gbẹ́ ni ìrísí L rẹ̀ ń hàn, nítorí náà àwòrán kan ṣoṣo lórí ojú yìí ló máa gbé apá méjèèjì àti nínípọn wọn. Bí irin náà bá fẹ̀ tó mílímítà 40, ẹ pín Pad sí 20 níwájú àti 20 lẹ́yìn, kí àárín ihò lè jókòó sórí ìlà X gan-an. Orí XY_Plane ni kí ẹ ya ihò sí, kì í ṣe ara irin. Bí Pocket, tó ń gé ihò náà, kò bá gé nǹkan kan, ẹ fi àmì sí Reversed, kí ó lè gé sí òdìkejì.

Fillet máa ń di etí kan mú, bí àpẹẹrẹ Edge7. Bí àtúnṣe sí ohun tó ṣáájú rẹ̀ bá yí nọ́ńbà àwọn etí padà, Fillet lè bọ́ sí etí mìíràn tàbí kí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́; bó bá gbẹ̀yìn, kò sí ohun tó tẹ̀ lé e tó máa bà jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀dà 1.0, tó jáde ní 2024, ti dín ìṣòro yìí kù, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Thickness, tó ń gbẹ́ inú odidi kó di àpótí, yàtọ̀: Fillet ń ṣáájú rẹ̀, kí inú àpótí lè tẹ̀ bí ìta rẹ̀ ṣe tẹ̀.