Nọ́ńbà ara ògiri kò ka ẹnikẹ́ni

*Ẹ káàsán sà. Àwọn kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilé wa ní Owútù. Bàbá onílé ní òun ti sọ iye àwa ayálégbé fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má yọ òun lẹ́nu mọ́. Màmá mi tó wà ní Ẹ̀pẹ́ tún ní kí n wálé wá ka ara mi sílé nígbà tí ìkànìyàn bá dé. Ṣé kí n lọ ni, àbí wọ́n ti kà wá tán níbí? (Ayálégbé, Ìkòròdú)*

Ẹ má lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọn ò sì tíì kà yín.

Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn ni ti oṣù kẹta ọdún 2006, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 tó sì parí ní ọjọ́ 27. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, nígbà tó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìkòròdú ní 2007 ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò, kò sì tíì sí nínú ìkànìyàn kankan. Ká má tíì sọ ti nọ́ńbà yẹn o. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ti ìkànìyàn rárá, torí pé àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára láti ilé dé ilé náà máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sára ògiri.

Ká tiẹ̀ gbà pé ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni. Kí ìkànìyàn tó dé, wọ́n á kọ́kọ́ gé gbogbo ilẹ̀ sí agbègbè kéékèèké, èyí tí òṣìṣẹ́ lè kárí láàárín ọjọ́ mélòó kan péré. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á kọ ibi tí gọ́tà àti títì gbà, wọ́n á wá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí akànìyàn má bàa fo ilé kan tàbí kó wọ ilé kan lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ló ni nọ́ńbà. Ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ ṣì wà níta.

Ọ̀rọ̀ bàbá onílé ló ká mi lára jù, torí ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti ń sọnù. Akànìyàn kì í béèrè iye èèyàn tó wà nínú ilé. Ìdílé ló ń wá, ìtumọ̀ ìdílé níbi iṣẹ́ yìí sì ni àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí. Ilé oníyàrá mẹ́wàá tó dojú kọra wọn lè ní ìdílé mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, orúkọ ni wọ́n sì ń kọ sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti ohun tí onítọ̀hún jẹ́ sí olórí ìdílé.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan. Bàbá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ro àwọn tó mọ̀ lójú, ó ní, "Mẹ́rìnlélógún ni wá." Ṣùgbọ́n ní yàrá kẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ilé ti dé láti oko wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọlọ́dẹ tó wà ní yàrá karùn-ún ń ṣọ́ ilé olówó lálẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Wọ́n bímọ ní yàrá keje, ọjọ́ mẹ́fà rèé, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá arúgbó kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí kì í jáde mọ́. Ọmọ iṣẹ́ méjì sì ń tẹ́ ẹní sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Ọgbọ̀n ni wọ́n, mẹ́fà ti bọ́. Bàbá ò purọ́ o, àwọn tó ń san owó ilé fún un ló kà.

Kò sí èyí tí kò ní ìlànà nínú àwọn mẹ́fà yìí. Ọmọ tuntun tí kò tíì lórúkọ, "ọmọ tuntun" ni wọ́n á kọ, ó sì di ẹnì kan. Ọlọ́dẹ, ìdílé tó ń padà sí láàárọ̀ ni wọ́n á kà á mọ́, bí wọn ò bá tíì kà á níbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ń sùn sí di ibùgbé lójú ìkànìyàn. Ẹni tó bá sì ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó ní kó sọ iye. Kó máa pe orúkọ wọn láti orí àkọ́bí wá, akànìyàn ni yóò ṣírò.

Ẹ lè ní mẹ́fà kò tó nǹkan. Ẹ wò ó báyìí: mẹ́fà nínú ọgbọ̀n ni ìdá kan nínú márùn-ún. Bí gbogbo ilé àdúgbò kan bá rí bẹ́ẹ̀, níbi tí èèyàn 5,000 ń gbé, 4,000 ni ìwé yóò gbé. Àwọn tó ń pín àjẹsára máa ń gbà pé nínú èèyàn 100, mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ọmọ 160 ni wọ́n á ṣètò fún, 200 ló wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún 160 lábẹ́rẹ́, ìwé kéde pé iṣẹ́ ti pé 100 nínú 100, ogójì ọmọ sì wà nílé láìgba nǹkan kan. Ìgbà tí èéyi bá bẹ́ ni ẹnu á máa ya àwọn ọ̀gá. Èyí tó tún burú ni pé bí nọ́ọ̀sì bá tiraka tó fún 180, ìwé á ní ó ṣe 112 nínú 100, wọ́n á sì rò pé ó ń purọ́.

Àṣìṣe náà kì í dúró síbi tó wà. Bí ìkànìyàn tuntun kò bá sí, iye àtijọ́ ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ lọ́dọọdún. Bí a bá lo ìdá 3.2 nínú 100 lọ́dún, èèyàn 1,000 tí wọ́n fò dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,900 lẹ́yìn ogún ọdún. Owó náà wà níbẹ̀: nínú èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín láti àpò àpapọ̀, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n ń fi iye èèyàn pín. Abájọ tí ìjà fi pọ̀ lẹ́yìn 2006, nígbà tí àjọ ní àwọn ará Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9.1, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní òun ka mílíọ̀nù 17.5.

Ní ti Ẹ̀pẹ́, ní 2006, ibi tí akànìyàn bá ti fojú rí èèyàn ló ti kà á. Ìlànà ti ọjọ́ iwájú lè yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà ìkéde àjọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n má kọ yín sílé. Bí wọ́n bá kọ yín sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n tún kọ yín sí Owútù, ẹ ti di méjì. Bí ẹ bá sì lọ, Ìkòròdú ni ẹ ń gbé, dókítà Ìkòròdú ni yóò tọ́jú yín, iye yín á wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá béèrè owó, nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì tàbí BVN lọ́wọ́ yín lórúkọ ìkànìyàn, ọ̀fẹ́ ni ìkànìyàn, ẹ lé e.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ dúró sẹ́nu yàrá yín, kí ẹ fẹnu ara yín dáhùn. Kí akànìyàn tó pa ìwé tàbí ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ẹ ní kó ka orúkọ ìdílé yín jáde. Kó tó jáde ní ilé, ẹ bi í bóyá ó ti kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn àti ti ṣọ́ọ̀bù.