"Quinze jours" inú ìwé ìpẹ̀jọ́ Faransé: ọjọ́ mélòó ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń túmọ̀ ìwé ìpẹ̀jọ́ kan tí wọ́n mú wá bá oníbàárà mi nílé rẹ̀ ní Paris, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù lè kà á. Ibi tí wọ́n kọ "constituer avocat dans un délai de quinze jours" sí, "appear in court within a fortnight" ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. Lọ́yà náà ní kò tọ̀nà. Kí ni mo ṣì níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọjọ́ yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú. Lẹ́nu àwọn Faransé, "quinze jours" sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, torí wọ́n a ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn, bí àwa náà ṣe ń pe ìpàdé ọlọ́jọ́ 16 ní ìtàdógún. Òfin ìgbẹ́jọ́ wọn kì í ka bẹ́ẹ̀. Abala 641 ní ọjọ́ tí ìwé tẹ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ kò sí nínú kíkà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọjọ́ 4 ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọjọ́ 18 sì ni gbèdéke. "Fortnight" ti Gẹ̀ẹ́sì kò ju ọjọ́ 14 lọ. Ọjọ́ 17 ni lọ́yà yín yóò rò pé ó parí. "Fifteen days" ni kí ẹ kọ.

"Appear in court" ló tilẹ̀ burú jù. Nínú irú ẹjọ́ tí wọ́n ń fi ìwé rò yìí, kò sẹ́ni tó ní kí ọkùnrin náà wá dúró níwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 15. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó gba lọ́yà, kí lọ́yà náà sì fi tó ti olùpẹjọ́ létí pé òun ló ń ṣojú rẹ̀. Bí ó bá ka ìtumọ̀ yín, ó lè lọ jókòó sí kóòtù kí gbèdéke sì kọjá lórí rẹ̀ láìní lọ́yà. Èmi a máa kọ "instruct an avocat to act on the record", mo sì ń fi "avocat" sílẹ̀ bó ṣe wà, torí kì í ṣe "solicitor". Àwọn kan a kọ "acknowledge service". Mi ò fara mọ́ ọn: fọ́ọ̀mù kóòtù Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ó sì ní gbèdéke tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkìlọ̀ tó tẹ̀ lé e náà, pé wọ́n lè dájọ́ "sur les seuls éléments fournis par son adversaire". "Default judgment" ló máa ń wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, olùpẹjọ́ lè gba ìyẹn láìjẹ́ pé adájọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Faransé, abala 472 ní bí olùjẹ́jọ́ kò tilẹ̀ wá, ohun tí adájọ́ bá rí pé ó tọ́, tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, nìkan ni yóò fún olùpẹjọ́. Ẹ kọ ọ́ gùn bó ṣe gùn: "on the sole basis of the material supplied by the opposing party".

Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni oníbàárà yín ń gbé, abala 643 ìbá fi oṣù 2 lé ọjọ́ 15 náà. Bí ìwé kan kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má tì í bọ inú ìtumọ̀. Inú lẹ́tà tí ẹ ó fi bò ó ni kí ẹ kọ ọ́ sí.