Ẹ̀yìn −1.4, ìbàdí −2.7: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi, ẹni ọdún 68, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kubwa. Wọ́n ya àwòrán eegun fún wọn lóṣù tó kọjá. T-score ẹ̀yìn wọn jẹ́ −1.4, ti ọrùn eegun itan jẹ́ −2.7, Z-score ibẹ̀ sì jẹ́ −0.9. Lọ́dún méjì sẹ́yìn n'Ílọrin, −1.9 ni ẹ̀yìn wọn. Dókítà kan ní eegun wọn ń le sí i, èkejì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ta ni ká tẹ̀ lé? Mo fi ìwé àyẹ̀wò náà ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Dókítà kejì. Ìbàdí màmá ló ń sọ òótọ́, ẹ̀yìn wọn ló ń parọ́, ẹ̀rí irọ́ náà sì wà nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. T-score ni máàkì eegun: bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ òdo tó ni eegun ṣe joro tó.

Ẹ ṣí ojú ewé tí ẹ̀yìn wà. Eegun mẹ́rin ni wọ́n wọ̀n, wọ́n kọ L1 dé L4 sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, −1.4 tí wọ́n sọ fún yín sì jẹ́ ti gbogbo wọn pa pọ̀. Ẹ wá ka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: L1 −2.6, L2 −2.5, L3 +0.1, L4 −0.6. Orí ara wọn ni eegun wọ̀nyí jókòó sí, inú ara kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Kí ló wá dé tí L2 fi joro tó bẹ́ẹ̀, tí L3 tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì rí bíi ti ọmọge? Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí T-score eegun kan bá fi ju 1.0 lọ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀, a ó fura sí i, a ó wo àwòrán rẹ̀ dáadáa, bó bá sì ní àbùkù, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ó kéré tán, méjì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Nínú àwòrán màmá, L3 àti L4 funfun ju àwọn tó wà lókè lọ, etí L4 ti hu ṣóńṣó bíi ti eegun tí làkúrègbé ń bá jà, L3 sì kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì, L1 àti L2 ló kù, ìyẹn á sì bọ́ sí nǹkan bíi −2.5. Ẹ má fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ o. Ẹ ní kí ibi tí wọ́n ti yà á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn tún un ṣe.

L3 tó kúrú yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹ̀rọ yìí kò mọ bí eegun ṣe lágbára tó. Èròjà tó wà nínú eegun ló ń wọ̀n ní gíráàmù, tí á wá pín in fún fífẹ̀ òjìji rẹ̀. Ká ní eegun kan ní gíráàmù 12, tí òjìji rẹ̀ sì fẹ̀ tó 15 cm², 0.80 g/cm² nìyẹn. Bó bá wó, gíráàmù 12 náà ló ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ òjìji rẹ̀ lè sún kì dé 12 cm², ni ìwé bá kọ 1.00. Eegun tó ti wó ló wá ń gba máàkì tó pọ̀ jù! Ẹ bi màmá bóyá ẹ̀yìn ti dá wọn lóró lójijì rí lẹ́yìn tí wọ́n gbé nǹkan wúwo tàbí tí wọ́n ṣubú. Kí ẹ sì wo kaba tí wọ́n rán lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Bó bá ti ń wọ́ nílẹ̀ báyìí, tó sì jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ló ń dé tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Ti Z-score −0.9, ó ń tu àwọn èèyàn nínú lásán. T-score fi eegun màmá wé ti ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà láàárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Z-score fi í wé ti àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ wọn. Eegun àwọn yẹn náà ti ń joro, nítorí náà ẹni tó bá ṣe déédéé pẹ̀lú wọn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. T-score ni a fi ń ṣèdájọ́ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró: −1.0 sókè dára, −2.5 sí ìsàlẹ̀ ni ọsitiopórósíìsì, àrùn eegun tó ti joro, àárín méjèèjì ni eegun tó ti ń dín kù. Èyí tó burú jù láàárín ẹ̀yìn, ìbàdí lápapọ̀ (Total) àti ọrùn itan (Neck) ni a ń mú. Bí ìwé bá kọ Ward's, ẹ fò ó. Ọmọbìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù àti ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni Z-score wúlò fún. Fún màmá, ìgbà tó bá bọ́ sí −2.0 tàbí ìsàlẹ̀ ni ìbá jẹ́ ká máa wá àrùn mìíràn tó ń jẹ eegun. Ohun kan rèé tí mo máa ń yẹ̀ wò: bí wọ́n bá ṣi ọjọ́ ìbí kọ, Z-score á yí padà, T-score kò ní mira.

Ṣé ìbàdí náà kò lè parọ́? Ó lè parọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi wo tiwọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ̀ sínú díẹ̀ kí ọrùn eegun itan lè tẹ́jú sí ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú eegun itan, nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀: kókó kékeré kan wà níbẹ̀. Bó bá yọ síta bí àtàǹpàkò, ẹsẹ̀ kò yí tó, iye ọrùn náà sì lè ga ju bó ti yẹ lọ. Ti màmá kò ju orí abẹ́rẹ́ aláṣọ lọ. Ó dára.

Ohun tó wà lára náà ń da iṣẹ́ rú. Mo rántí ìyá kan tí L4 rẹ̀ ga tí kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a tún un yà, owó wẹ́wẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ wà nínú kókó tó so sí etí ìró, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ yà á ń tijú láti ní kí ìyá àgbà tú ìró. Oògùn kálísíọ́mù tí wọ́n gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà lè hàn sórí eegun ẹ̀yìn bákan náà, torí náà kí wọ́n fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ti Ìlọrin yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rọ tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é yàtọ̀ kì í fún èèyàn ní iye kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ eegun kan náà ní ọjọ́ kan náà. Kódà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí ìbàdí bá kúrò ní 0.650 sí 0.630 g/cm², ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, dídùbúlẹ̀ lọ́nà mìíràn sì lè fà á. Kó tó ìdá márùn-ún kí n tó gbà pé nǹkan ti yí padà. g/cm² ni kẹ́ ẹ fi máa ṣe àfiwé, kì í ṣe T-score.

Ẹ kò nílò àyẹ̀wò ọwọ́, nítorí ìbàdí wọn ṣeé kà. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ìbàdí rẹ̀ méjèèjì, tàbí tó wúwo ju ohun tí tábìlì ẹ̀rọ lè gbé lọ, ni a ń wọn ìsàlẹ̀ apá fún, níbi tí wọ́n ń pè ní 33%, lórí ọwọ́ tí kò fi ń kọ̀wé.

Ohun tó kù ni kí wọ́n ya ẹ́kísíréè ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́, ká lè mọ̀ bóyá L3 ti wó lóòótọ́, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kálísíọ́mù, fítámì D àti kíndìnrín kí oògùn tó wọlé. Bó bá di ọdún kan tàbí méjì, ibi tí wọ́n ti yà á lóṣù tó kọjá ni kẹ́ ẹ mú wọn padà sí, ẹ sì mú ìwé yìí dání.