Kúkì tó ti wọlé kí wọ́n tó tẹ "Mo gbà"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe sáìtì tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Google Analytics àti fọ́ọ̀mù ìkànsí nìkan ló wà lórí tèmi. Ṣé mo lè da ìlànà ìpamọ́ ẹlòmíì kọ? Kí ni kí n kọ síbi ìkéde kúkì?"

Ẹ má dà á kọ o. Èmi dà á kọ, ojú mi sì rí i. Àdìrẹ ni mò ń tà. Mo gbé ìlànà ilé ìtajà ńlá kan, mo pààrọ̀ orúkọ, n kò kà á dé ibi tó ti ní ọjọ́ 30 péré la fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ oníbàárà. Nígbà tí oníbàárà kan ní Dọ́blìn ní kí n pa gbogbo ohun tóun kọ rẹ́, mo pa ímeèlì rẹ̀ rẹ́, mo rò pé ó ti parí. Àṣé fọ́ọ̀mù náà ń fi ẹ̀dà pamọ́ sínú dátábéèsì. Mo ṣí i, mo bá ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta níbẹ̀: nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, kódà ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹnìkan. Oṣù kan ni òfin Yúróòpù fúnni láti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Òru ni mo fi ń pa wọ́n rẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí sáìtì yín ń ṣe. Ẹ ṣí i ní fèrèsé ìkọ̀kọ̀ lórí Chrome, ẹ má tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ tẹ F12, kẹ́ ẹ lọ sí Application, lẹ́yìn náà Cookies. Bí `_ga`, kúkì Google Analytics, bá ti wà níbẹ̀, ìkéde yín ẹnu lásán ni, bíi tèmi nígbà yẹn. Bí ẹ bá ń tajà fún ará Yúróòpù, kúkì yìí gbọ́dọ̀ dúró de ìyọ̀ǹda. Ẹ fi èyí ṣáájú ìlà `config` ti Google:

```
gtag('consent', 'default', {
  'analytics_storage': 'denied'
});
```

Bọ́tìnì "Mo gbà" ni yóò wá fi `update` yí i sí `granted`. Ẹ tún un yẹ̀ wò. Àmọ́ bí èèyàn bá tiẹ̀ kọ̀, Google ṣì lè máa gba àmì díẹ̀ tí kò ní kúkì, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ohun tí mo kọ rèé: "Tẹ́ ẹ bá gbà, Google Analytics yóò fi kúkì `_ga` sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, ká lè mọ iye èèyàn tó ń wá àti ojú ewé tí wọ́n ń kà. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 2. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, kò dí yín lọ́wọ́ láti rajà." "Mo gbà" àti "Mo kọ̀" tóbi bákan náà.

Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, náà fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹni kẹ́ ẹ tó gbà á. Lókè bọ́tìnì "Fi ránṣẹ́" ni mo fi tèmi sí: "Orúkọ, ímeèlì àti ọ̀rọ̀ yín, a ó fi dá yín lóhùn ni. Lẹ́yìn oṣù 6, a ó pa wọ́n rẹ́." Oṣù mẹ́fà yẹn, mo ti fi áláàmù sí i lórí fóònù mi. Àpótí nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Mo yọ ọ́ kúrò, n kì í kúkú pe ẹnì kankan.