Síláìdì ní ó ti parí, bóòhóò ní kò sómi

*Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa fi ibi iṣẹ́ mi sílẹ̀ lópin oṣù yìí. Ọ̀gá ní kí n kọ ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ fún ẹni tó máa gba pírójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Àwọn síláìdì àtijọ́ tí a fi ń jábọ̀ ló wà nílẹ̀. Ṣé mo lè kọ ọ́ láti inú wọn?*

Ẹ lè kọ ọ́ láti inú wọn, àmọ́ ẹ má kàn da ohun tó wà lójú wọn kọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́, ojú mi sì rí nǹkan.

Bóòhóò méjìlá ni, ní àwọn abúlé tó wà láàárín Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Ẹni tó ń lọ kò purọ́ fún mi. Ó ṣí síláìdì Oṣù Kẹsàn-án, ó kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé, ó wá fi ọjọ́ Oṣù Kejìlá tó ń lọ sí i lórí: iṣẹ́ ti dé 92%, gbogbo rẹ̀ ló wà ní àwọ̀ ewé, àmì pé kò síṣòro. Nínú Oṣù Kìíní, agbaṣẹ́ṣe mú lẹ́tà wá pé kí a san ìdajì owó tí a dá dúró lọ́wọ́ òun. 36 mílíọ̀nù náírà ni iṣẹ́ náà, 5% rẹ̀ la dá dúró, ìyẹn 1.8 mílíọ̀nù, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 900,000. Mo wo ìwé, mo rí àwọ̀ ewé, mo fọwọ́ sí i.

Oṣù Kejì ni baálẹ̀ kan pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ń kùn o, ṣùgbọ́n kò sómi." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, abúlé méjì mìíràn ti pè.

Ẹ mọ ilẹ̀ wa níbí: àpáta ni. Inú ilẹ̀ tó rọ̀ lórí àpáta àti inú ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi bóòhóò máa ń wà, òjò ló sì ń kún un. Oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n fa omi wò, mítà márùn-ún péré ni omi jìn sí ilẹ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta náà. Ní Oṣù Kejì, mítà mẹ́rìnlá ni mo bá a, mítà méjìlélógún sì ni pọ́ǹpù wà. A tan ẹ̀rọ, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí omi fi sọ̀ dé ẹnu pọ́ǹpù. Òótọ́ ni síláìdì sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ ló yọ ọjọ́ yẹn kúrò tó sì fi ọjọ́ tuntun sí i. Nítorí náà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú látinú síláìdì, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n wo nǹkan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ń kọ̀wé.

92% yẹn náà, mo wá ìdí rẹ̀. Mo gbé fáìlì PowerPoint rẹ̀ jáde, mo tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí àwòrán ìṣirò, mo yan `Edit Data`, tábìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣí. Bóòhóò tí wọ́n ti gbẹ́ ni wọ́n kà: mọ́kànlá nínú méjìlá. Èyí tó ní pọ́ǹpù, táńkì lórí ìdúró rẹ̀, àyẹ̀wò omi, tí wọ́n sì ti fi lé ará abúlé lọ́wọ́, méje péré ni. 58% nìyẹn. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó lọ o, torí àwọn àwòrán mìíràn so mọ́ fáìlì Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Tí wọ́n bá ti nu kọ̀ǹpútà yẹn, tábìlì kò ní ṣí mọ́. Ẹ wo `Notes` lábẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, ó ti pẹ́ jù, pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀: "wákàtí méjì la fi fa omi wò, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀rùn." Kò sẹ́ni tó kà á síta nípàdé.

Nígbà tí èmi náà ń lọ, bí mo ṣe kọ ti bóòhóò kan nìyí: "Wọ́n ti gbẹ́ ẹ, pọ́ǹpù wà nínú rẹ̀, táńkì kò tíì gòkè. Èmi fúnra mi ni mo dé ibẹ̀, ní ọjọ́ 11 Oṣù Kejì. Omi jìn tó mítà mẹ́rìnlá. Agbaṣẹ́ṣe ti ṣèlérí fún baálẹ̀ lẹ́nu pé òun á gbẹ́ ẹ jìn sí i. Kò sí lórí ìwé. 900,000 náírà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ má san án kí ẹ tó fa omi wò níbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."